Eélòó Ni Àfikún Àpò Fúláwà Kan Ń Ná Wa? Ìtọ́sọ́nà sí Ìdàgẹ̀rẹ́ àti Ìpìlẹ̀ Ìlà Ìnáwó

Bí ẹ bá bi ẹni tó ni ilé búrẹ́dì kékeré pé eélòó ni yóò ná an bí ó bá fi àpò fúláwà kan kún èyí tó ń lò lọ́sẹ̀, yóò kó gbogbo owó tó ná lọ́sẹ̀ náà jọ, yóò pín in sí iye àpò tó lò, yóò sì dárúkọ ohun tó bá jáde fún yín. Ìṣirò rẹ̀ kò lábùkù, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni ó dáhùn. Owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó pín, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí yóò pọ̀ sí i nínú méjèèjì nítorí àpò kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ti gbọ́ pé Excel lè fa ìlà gba inú àkọsílẹ̀ òun kọjá. Ó fà á, ó rí iye méjì, kò mọ èyí tó yẹ kí ó gbà gbọ́, ó sì gbà pé iye kejì ni owó ilé òun gan-an. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn méjèèjì.

Iye méjì náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ìdàgẹ̀rẹ́ ni mo ń pe iye tí ìnáwó fi ń gòkè nígbà tí iṣẹ́ bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Ìpìlẹ̀ ìlà ni mo ń pe iye tí ìlà náà ń tọ́ka sí níbi tí iṣẹ́ ti jẹ́ òdo. Bí a bá mọ méjèèjì, ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ìpìlẹ̀, pẹ̀lú ìdàgẹ̀rẹ́ lọ́nà iye àpò.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, nínú èyí tí iye àpò fúláwà tí ẹ lò àti gbogbo owó tí ẹ ná lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò fún yín ní ìlà, àmọ́ ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ bóyá ìlà náà ṣeé gbára lé. Iye àpò náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí pé bí ẹ bá ń lo àpò 16 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹsẹ̀, kò sí ìṣirò kankan tó lè sọ ohun tí àpò kẹtàdínlógún yóò ná yín. Lẹ́yìn èyí, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní Google Sheets tàbí Excel ti tó, pẹ̀lú ìwé àti bírò fún ìṣirò tí a ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyí. Èmi ni mo ṣètò àwọn iye inú rẹ̀ kí ìṣirò má bàa ni ẹnikẹ́ni lára, nítorí náà ẹ má ṣe kà wọ́n sí iye owó ọjà. Ẹgbẹ̀rún náírà ni a fi kọ ìnáwó, tó fi jẹ́ pé 1520 dúró fún ₦1,520,000.

| Ọ̀sẹ̀ | Àpò tí a lò | Ìnáwó |
|---|---|---|
| 1 | 14 | 1520 |
| 2 | 18 | 1820 |
| 3 | 10 | 1160 |
| 4 | 20 | 2050 |
| 5 | 12 | 1290 |
| 6 | 17 | 1785 |
| 7 | 22 | 2230 |
| 8 | 15 | 1585 |

Ìpele 1: Ẹ tún àkọsílẹ̀ yín ṣe

Ibí yìí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ìṣirò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ènìyàn ń kọ owó tí wọ́n fi ra ọjà sílẹ̀ dípò owó ọjà tí wọ́n lò. Bí ẹ bá ra àpò 40 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí ẹ sì ń lò ó títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kìíní yóò dà bí èyí tó gbówó jù lọ láyé, ọ̀sẹ̀ kejì yóò sì dà bí ìgbà tí ẹ ṣe búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ìlà tó lè tọ́ nínú irú rúdurùdu bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ka àpò tó wà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ro èyí tí ẹ rà mọ́ ọn, kí ẹ sì yọ èyí tó ṣẹ́kù ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ohun tó bá jáde ni ẹ lò, owó rẹ̀ ni ẹ sì máa kọ. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ṣúgà, bọ́tà, ọ̀rá tí ẹ fi ń di búrẹ́dì, àti dísù inú jẹnẹrétọ̀, èyí tí ẹ lè fi ọ̀pá wọn nínú táǹkì.

Owó tí a ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí lóṣù náà gbọ́dọ̀ di ti ọ̀sẹ̀. Ẹ pín owó ilé ọdún kan sí 52. Ní ti owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 12 kí ẹ tó pín in sí 52; ẹ má kàn pín in sí mẹ́rin, nítorí oṣù tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé kò ju Fébúárì lọ, pípín sí mẹ́rin yóò sì mú kí owó oṣù inú ìwé yín ju èyí tí ẹ ń san lọ.

Owó àkànṣe, irú bí àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ tàbí ríra ààrò tuntun, ẹ kọ ọ́ sí òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má wọ inú ìnáwó ọ̀sẹ̀. Ẹ ó rí ohun tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè bàjẹ́ nígbà tí a bá dé ìpele karùn-ún.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ iye sínú ṣíìtì, ẹ tẹ nọ́ńbà nìkan. Bí ẹ bá tẹ 1520k, ṣíìtì yóò kà á sí ọ̀rọ̀, yóò fo ọ̀sẹ̀ náà dá, kò sì ní sọ fún yín pé òun fò ó.

*Àyẹ̀wò.* Bí iye àpò bá wà ní B2 sí B9, tí ìnáwó sì wà ní C2 sí C9, ẹ tẹ ìwọ̀nyí sí ibi tó ṣófo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún yín ní 8:

```
=COUNT(B2:B9)
=COUNT(C2:C9)
```

Ìpele 2: Ẹ wo àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò

Ẹ yan òpó méjèèjì, ẹ tẹ `Insert`, lẹ́yìn náà `Chart`, kí ẹ sì mú `Scatter chart`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú `Line chart` nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlà ni wọ́n ń sọ, èyí sì máa ń so ọ̀sẹ̀ kan mọ́ òmíràn bí ẹni ń so okùn aṣọ, láìfi bí ìnáwó ṣe ń tẹ̀lé iye àpò hàn. Iye àpò gbọ́dọ̀ wà ní ìbú, ìnáwó ní òró, kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì kan tó dá dúró.

Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá àwọn àmì náà tò lọ sókè bí ìlà tààrà, tàbí wọ́n tẹ̀ bí ọrun. Bí wọ́n bá tẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo kò lè ṣojú wọn, ẹ má sì fipá mú un. Ẹ tún wò ó bóyá àmì kan wà tó jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

*Àyẹ̀wò.* Bí ẹ bá gbé rúlà sórí àwòrán náà, àwọn àmì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú àpẹẹrẹ wa yóò sún mọ́ ọn, díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yóò ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀ ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ṣe é rí kì í mọ ìdí tí ìpìlẹ̀ ìlà fi máa ń ṣe ségesège, a ó sì nílò ìmọ̀ yẹn níwájú.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìpíndọ́gba. Àpapọ̀ àpò jẹ́ 128, tí a bá pín in sí 8, ó jẹ́ 16. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ 13440, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1680. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 16 kúrò nínú iye àpò, kí ẹ sì yọ 1680 kúrò nínú ìnáwó. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ ó sọ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn. Ẹ ó sì tún sọ ìyàtọ̀ àpò di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀.

| Ọ̀sẹ̀ | Ìyàtọ̀ àpò | Ìyàtọ̀ ìnáwó | Méjèèjì lọ́nà ara wọn | Ti àpò lọ́nà ara rẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| 1 | −2 | −160 | 320 | 4 |
| 2 | 2 | 140 | 280 | 4 |
| 3 | −6 | −520 | 3120 | 36 |
| 4 | 4 | 370 | 1480 | 16 |
| 5 | −4 | −390 | 1560 | 16 |
| 6 | 1 | 105 | 105 | 1 |
| 7 | 6 | 550 | 3300 | 36 |
| 8 | −1 | −95 | 95 | 1 |

Àpapọ̀ òpó kẹrin jẹ́ 10260, ti òpó karùn-ún jẹ́ 114. Ẹ pín 10260 sí 114, ìdàgẹ̀rẹ́ yóò jáde: 90. Láti rí ìpìlẹ̀, ẹ sọ 90 di púpọ̀ lọ́nà 16, èyí tó jẹ́ 1440, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú 1680. Ó ṣẹ́ku 240.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkeje ṣe ní ipa nínú òpó kẹrin. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí iye àpò wọn jìnnà sí ìpíndọ́gba ni ìlà ń tẹ́tí sí jù, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkẹjọ kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀.

*Àyẹ̀wò.* Àpapọ̀ òpó ìyàtọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí kò bá jẹ́ òdo, ẹ ti ṣi ìpíndọ́gba ṣírò, tàbí àmì àyọkúrò kan ti sọnù níbì kan.

Ìpele 4: Ẹ jẹ́ kí ṣíìtì jẹ́rìí sí i

Ẹ tẹ àkọ́kọ́ sí F1, ẹ tẹ èkejì sí F2:

```
=SLOPE(C2:C9,B2:B9)
=INTERCEPT(C2:C9,B2:B9)
```

Ẹ fiyè sí i pé òpó ìnáwó ni ó ṣáájú, iye àpò ni ó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi wọ́n tò níbí, nítorí pé inú ṣíìtì, B ni ó ṣáájú C. Bí ẹ bá gbé wọn yí padà, ṣíìtì kò ní bá yín jà; yóò fún yín ní 0.011 àti −2.59. Ìbéèrè tí wọ́n dáhùn yàtọ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé bí ìnáwó bá fi ẹgbẹ̀rún náírà kan pọ̀ sí i, àpò mélòó ni ó ṣeé ṣe kí a ti lò.

*Àyẹ̀wò.* F1 gbọ́dọ̀ jẹ́ 90, F2 gbọ́dọ̀ jẹ́ 240. Àyẹ̀wò mìíràn tó wúlò fún dátà yòówù ni pé ìlà gbọ́dọ̀ gba ibi tí ìpíndọ́gba méjèèjì ti pàdé: 240, pẹ̀lú 90 lọ́nà 16, jẹ́ 1680.

Ìpele 5: Ẹ wo ohun tí ìlà kò lè ṣàlàyé

Kí ẹ tó túmọ̀ iye kankan, ẹ wo àṣẹ́kù, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín owó tí ẹ ná gan-an àti èyí tí ìlà sọ pé ẹ ó ná. Ẹ tẹ èyí sí D2, kí ẹ sì fà á dé D9:

```
=C2-($F$2+$F$1*B2)
```

Láti ọ̀sẹ̀ 1 dé 8, ẹ ó rí 20, −40, 20, 10, −30, 15, 10, −5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí nígbà gbogbo, nítorí náà òdo yẹn kò sọ bóyá ìlà dára. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ wò. Nínú tiwa, èyí tó wà lókè ìlà àti èyí tó wà nísàlẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra láìsí ètò kan, bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ bá wà lábẹ́ òdo, tí gbogbo ti ìparí sì wà lókè, ó ṣeé ṣe kí ọjà ti gbówó lórí láàárín. Ẹni tó ti ra fúláwà ní Nàìjíríà láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò nílò àlàyé lórí èyí. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tún ń lo àpò púpọ̀ sí i bí oṣù ṣe ń lọ, ìlà yóò kó ọ̀wọ́n ọjà àti pípọ̀ iṣẹ́ pọ̀ sínú ìdàgẹ̀rẹ́ kan náà, àpò kan yóò sì dà bí èyí tó gbówó ju bó ṣe rí lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ padà sí ìpele kìíní, kí ẹ fi iye owó tòní ṣírò ohun tí ẹ lò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ tó fa ìlà tuntun.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dán ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wò. Ká ní wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ keje ní ₦400,000, tí ẹni tó ń kọ̀wé sì ro ó mọ́ ìnáwó, C8 yóò di 2630. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wo F1 àti F2. Ìdàgẹ̀rẹ́ yóò fò sí nǹkan bí 111, ìpìlẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ sí −47. Ìlà wá ń sọ pé bí ẹ kò bá ṣe búrẹ́dì kankan, ìnáwó yín yóò lọ sí abẹ́ òdo, bí ẹni pé onílé ni yóò máa sanwó fún yín. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ nínú èyí ni pé àṣẹ́kù ọ̀sẹ̀ keje kò ní tó 400 rárá. Nǹkan bí 234 ni yóò hàn, nítorí pé ìlà ti tẹ̀ lọ bá àmì náà, ó sì ti fi apá kan ẹ̀bi náà sí ọrùn àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò gbé àṣẹ́kù 96.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ dá C8 padà sí 2230, kí F1 àti F2 sì padà sí 90 àti 240. Nínú dátà tiyín, ẹ má ṣe pa ọ̀sẹ̀ kankan rẹ́ nítorí pé àmì rẹ̀ jìnnà. Ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà nínú ìwé. Bí ẹ bá rí ìdí, ẹ yọ owó àkànṣe náà nìkan. Bí ẹ kò bá rí i, ọ̀sẹ̀ náà dúró síbẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ túmọ̀ ìdàgẹ̀rẹ́

Ìdàgẹ̀rẹ́ 90 túmọ̀ sí pé láàárín àpò 10 sí 22, bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi àpò kan ju òmíràn lọ, ìnáwó rẹ̀ ń fi nǹkan bí ₦90,000 ju tiẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé ìṣirò ẹni tó kàn pín owó sí iye àpò: 1680 sí ọ̀nà 16 jẹ́ 105. Èyí kò sì dúró sójú kan, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí àpò jẹ́ 10, ó jẹ́ 116, ní ọ̀sẹ̀ keje tí àpò jẹ́ 22, ó jẹ́ nǹkan bí 101. Owó ilé kan náà ni àpò díẹ̀ ń pín gbé níbì kan, tí àpò púpọ̀ sì ń pín gbé níbòmíràn.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń di owó nìyí. Ká sọ pé ẹ sábà máa ń lo àpò 17 lọ́sẹ̀, ilé ìwé kan wá ní kí ẹ máa ṣe búrẹ́dì àpò mẹ́ta fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì san ₦98,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi 105 ṣírò yóò kọ̀ ọ́, nítorí yóò rò pé òun yóò pàdánù ₦7,000 lórí àpò kan. Àmọ́ àpò mẹ́ta yóò fi 270 kún ìnáwó, yóò sì mú 294 wọlé, èyí tó fi ₦24,000 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ ṣọ́ra níbi mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní láti fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì náà lọ, tí kò sì sí irú owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, 90 kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó rò ó mọ́ ọn. Ìkejì, bí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lo àpò púpọ̀ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọdún tí ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ lówó ọdún, owó ọdún náà ti fara pa mọ́ sínú ìdàgẹ̀rẹ́. Ìkẹta, 17 pẹ̀lú 3 jẹ́ 20, ó wà láàárín ohun tí ẹ ti rí rí. Bí ẹ bá ti ń lo 21 tẹ́lẹ̀, àpò 24 lè béèrè iṣẹ́ òru tàbí ààrò kejì, ìlà kò sì lè sọ ohunkóhun nípa ààrò tí kò sí.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ ka ìdàgẹ̀rẹ́ yín sókè pẹ̀lú ẹyọ rẹ̀: «ẹgbẹ̀rún náírà lórí àpò kan». Kí ẹ wá ro owó fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ọ̀rá àti dísù tí àpò kan ń jẹ pọ̀. Bí àròpọ̀ yẹn bá jìnnà sí ìdàgẹ̀rẹ́, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín tí ẹ kò tíì rí.

Ìpele 7: Ẹ túmọ̀ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jù

Èrò tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ₦240,000 ni owó tí yóò jáde lọ́sẹ̀ tí ilé búrẹ́dì bá tilẹ̀kùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kankan nínú dátà wa tí àpò rẹ̀ kéré sí 10. Ìlà rìn láti 10 padà sí òdo láìsí ẹlẹ́rìí kankan lọ́nà.

Ẹ rántí pé ìlà gbọ́dọ̀ gba ibi tí 16 àti 1680 ti pàdé. Nítorí náà, bí ìdàgẹ̀rẹ́ bá jẹ́ 91 dípò 90, ìpìlẹ̀ yóò di 1680 tí a yọ 1456 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 224. Àṣìṣe ẹgbẹ̀rún kan nínú ìdàgẹ̀rẹ́ ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún nínú ìpìlẹ̀. Ó dà bí ẹni di ọ̀pá gígùn mú ní ìdí: bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, orí ọ̀pá yóò jù jìnnà.

Ṣíìtì lè wọn bí gbígbọ̀n náà ṣe tó. Ẹ tẹ èyí síbi tí àyè wà fún ẹsẹ márùn-ún àti òpó méjì. Nínú Excel àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ yan àyè náà, kí ẹ sì tẹ Ctrl+Shift+Enter:

```
=LINEST(C2:C9,B2:B9,TRUE,TRUE)
```

Ẹsẹ kìíní jẹ́ 90 àti 240. Ẹsẹ kejì ni ìwọ̀n àìdánilójú wọn: nǹkan bí 2.34 fún ìdàgẹ̀rẹ́, 38.5 fún ìpìlẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta, ẹ wo òpó kejì, ẹ ó rí 25, èyí tó ń sọ bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe sábà ń yà kúrò lórí ìlà. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ sọ ìwọ̀n àìdánilójú di púpọ̀ lọ́nà 2.447, èyí tí `=T.INV.2T(0.05,6)` ń fúnni. 6 yẹn ni 8 tí a yọ 2 kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà yóò yí padà bí ọ̀sẹ̀ yín bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí yóò jáde ni pé dátà yìí gba ìdàgẹ̀rẹ́ láti nǹkan bí 84 dé 96, ó sì gba ìpìlẹ̀ láti nǹkan bí 146 dé 334. Ẹ lè fi ìdàgẹ̀rẹ́ yẹn dúnàádúrà, nítorí pé ẹgbẹ̀rún 96 pàápàá ṣì kéré sí 98 tí ilé ìwé fẹ́ san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè yóò tín-ín-rín. Ìpìlẹ̀ tó lè jẹ́ 146, tó sì lè jẹ́ 334, kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú ìwé fún onílé tàbí fún ilé ìfowópamọ́.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ ro owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ láti inú ìwé yín. Bí ó bá jẹ́ 210, ó wọ àárín 146 sí 334, kò sì sí ìjà láàárín ìlà àti ìwé. Ẹ gba 210 gbọ́, nítorí pé ẹ mọ ọ́n, ẹ kò ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 400, owó kan tí ẹ pè ní àìyẹsẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú iye àpò, tàbí àkọsílẹ̀ yín ní àléébù.

Ìpele 8: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tuntun dán ìlà wò

Ẹ má ṣe fi ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án kún dátà títí ẹ ó fi sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò ná yín. Bí ẹ bá lo àpò 19, ìlà sọ pé 240 pẹ̀lú 1710, ìyẹn 1950. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò ní bọ́ sórí ìlà gẹ́ẹ́. Pẹ̀lú 25 tí a rí lókè àti àìdánilójú ìlà fúnra rẹ̀, ààyè tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 67. Ìnáwó tó bá bọ́ sáàárín 1883 àti 2017 bá ìlà mu, ẹ sì lè wá fi ọ̀sẹ̀ náà kún dátà, kí ẹ tún F1 àti F2 kà, kí ẹ má sì gbàgbé láti fa B9 inú fọ́múlà dé B10, àti C9 dé C10.

Bí ìnáwó bá jáde ní 2100, ẹ má tíì fa ìlà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ọ̀sẹ̀ náà: ṣé fúláwà ti wọ́n sí i, ṣé ẹnìkan kọ owó ríra sílẹ̀ dípò owó lílò, tàbí jẹnẹrétọ̀ tún ti bàjẹ́?